Àṣìṣe Tí Ayálégbé Ń Ṣe Nígbà Tó Bá Ń Tọrọ Àyè Láti Kun Ògiri Tàbí Pààrọ̀ Kọ́kọ́rọ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń kọ ránṣẹ́ sí onílé kò ju báyìí lọ: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún ilé ṣe díẹ̀." Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn, ó fẹ́ kun pálọ̀ ni, kó sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n onílé tó ka "tún ilé ṣe" kò rí pálọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé bóyá wọ́n fẹ́ wó ògiri, bóyá wọ́n fẹ́ fa iná tuntun, tàbí pé tí ọdún bá yí, ayálégbé yóò gbé rìsíìtì wá pé kí wọ́n yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú owó ilé. Nígbà tí kò mọ èyí tó jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, rárá ló máa ń rọrùn fún un láti sọ. Àìlàdí ọ̀rọ̀ yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ, òun ló sì ń bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù.

Èkó ni mo ti máa mú àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni òfin ti sọ̀rọ̀ yìí kedere. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà lára ilé tàbí fi kún un láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀. Òfin kan náà sọ pé ayálégbé tó bá tún ilé ṣe lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ gba àṣẹ onílé ní kíkọ lè béèrè owó gbà-máà-bínú lórí iṣẹ́ náà bí onílé bá ní kó kó jáde. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti Ìkẹjà GRA sílẹ̀, nítorí náà ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò tí ẹ bá ń gbé ní àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn. Kódà níbi tí òfin yìí ti ṣiṣẹ́, ẹ ka ìwé àdéhùn náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dárúkọ ọ̀dà àti kọ́kọ́rọ́ ní tààràtà.

Nínú òfin yìí, ohun tó yẹ ká dì mú ni "ní kíkọ". Ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì ti ń wáyé. Bí onílé bá ń gbé nínú ọgbà kan náà, tó sì dàgbà, ayálégbé á lọ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí i, á sọ ohun tó fẹ́, Bàbá á dáhùn pé "kò burú", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó tọ́ láti lọ kí i. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi fóònù bá àgbà tó wà ní òkè ilé rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láìkọ́kọ́ yọjú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níwájú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an: "Bàbá, ẹ ṣeun fún àyè tí ẹ fún mi láàárọ̀ yìí láti kun pálọ̀ àti láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ iwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fèsì síbí kó lè wà ní àkọsílẹ̀." Bí Bàbá kò bá ń lo Wásáàpù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjì, kó fọwọ́ sí méjèèjì, kí ẹ mú ọ̀kan. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba kí a gbé ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ sí kóòtù bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe pa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn rẹ́ nítorí àyè fóònù yín ti kún. Àmì búlúù tó fi hàn pé ó ti kà á kì í ṣe ìfọwọ́sí o. Ẹni tó kà á tí kò fèsì kò tíì gbà.

Àṣìṣe kẹta ni kíkọ̀wé sí ẹni tí kò ní àṣẹ. Kíatékà tó ń gba owó omi àti owó ìdọ̀tí lè sọ pé "ẹ máa ṣe é, kò sí wàhálà", ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ilé. Bí ẹ̀yin àti rẹ̀ bá rẹ́, ó lè máa bá yín bẹ onílé, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí ìwé àdéhùn àti lórí rìsíìtì owó ilé ni kí ọ̀rọ̀ yín lọ bá. Ilé tí Bàbá ti kú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ló le jù. Ẹ̀gbọ́n lè wà ní Ìbàdàn, àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kí èyí tó wà nítòsí sì gbà fún yín, kí èyí tó ń gba owó ilé wá ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń san owó ilé fún ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó yẹ kí ẹlòmíràn nínú ẹbí mọ̀ sí i.

Ní ti ọ̀dà, ohun tí ayálégbé sábà máa ń gbàgbé ni irú ọ̀dà. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ. Ọ̀dà olómi rọrùn láti kun nǹkan mìíràn lé lórí. Ọ̀dà elépo, èyí tó ń dán, kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀dà olómi bò ó lọ́jọ́ iwájú, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi yanrìn-ìwé ha gbogbo ògiri náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà tuntun á máa ṣí kúrò. Àwọ̀ tó dúdú tún máa ń gba ìkunlé púpọ̀ kí àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó mọ́lẹ̀. Onílé tó bá ti kọ́lé rí mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí "mo fẹ́ kun ún ní pupa" fi ń dẹ́rù bà á. Bí ògiri bá sì ń mu omi, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó kun ún. Ọ̀dà tí a kùn lé ògiri tútù á wú, á sì bó, tí ẹ bá sì fi bo àbàwọ́n náà mọ́lẹ̀ láìsọ, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní ẹ ba ògiri jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀sùn omi náà wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá kó òrùlé tó ń jò, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ àti ariwo aládùúgbò pọ̀ mọ́ ìbéèrè ọ̀dà, onílé á fèsì sí ẹ̀sùn, á sì fo ìbéèrè.

Kọ́kọ́rọ́ gba ẹlẹgẹ́ ju ọ̀dà lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ìfọkàntánni ni. Ìdí tó dára wà: ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú yín lè ṣì ní ọmọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìdí yẹn ni kí ẹ sọ. Ayálégbé tó kàn kọ pé "mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún ààbò" dà bí ẹni tó ń sọ pé òun kò fọkàn tán onílé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá ní sílíńdà, ìyẹn ojú ibi tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, káfíńtà lè tú ìdè kan ní etí ilẹ̀kùn, kó yọ ti àtijọ́, kó sì ki tuntun tó gùn bákan náà bọ̀ ọ́, láìgbẹ́ ilẹ̀kùn rárá. Bí kò bá ní sílíńdà, odindi kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa yọ, ẹ ṣáà ra èyí tó wọ ihò tó wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àfikún tó nílò ihò tuntun lára ilẹ̀kùn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ dárúkọ ihò náà, torí pé kò ṣeé dí padà kó má hàn. Géètì tí gbogbo ilé jọ ń lò kò sí nínú ohun tí ẹnì kan lè pààrọ̀.

Ọmọ kọ́kọ́rọ́ tuntun fún onílé ńkọ́? Òfin Èkó fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé láìsí ìdààmú, onílé tó bá sì fẹ́ wọlé yẹ nǹkan wò gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún un ṣáájú, kó sì wá lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe kọ òfin yìí sínú ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́ o. Á dún bí ìpẹ̀jọ́, bẹ́ẹ̀ àyè lẹ ń tọrọ. Ẹ kàn sọ bí wọ́n ṣe máa rí yín tí ohun pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo bí ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Agége ṣe lè kọ ọ́:

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Èmi ni ayálégbé yín tó wà ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Mo fẹ́ tọrọ àyè fún ohun méjì. Mo fẹ́ kun ògiri pálọ̀ nìkan. Funfun ni báyìí, mo fẹ́ lo ọ̀dà olómi aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, síílìnì tàbí ìta. Mo tún fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú, torí mi ò mọ ẹni tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó wọ ihò àtijọ́ ni mo máa rà, a ò ní gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ á wà lọ́wọ́ mi fún yín. Èmi ni n ó san gbogbo owó rẹ̀, mi ò sì ní yọ ọ́ nínú owó ilé. Tí mo bá ń kó lọ, n ó kun ògiri padà sí funfun bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, n ó sì kó gbogbo ọmọ kọ́kọ́rọ́ fún yín. Bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ tí mi ò sí nílé, ẹ pè mí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nítòsí ní ọmọ kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́. Àwòrán ògiri àti ilẹ̀kùn rèé. Bí ẹ bá gbà, ọjọ́ Sátidé tó parí oṣù yìí ni àwọn oníṣẹ́ máa wá, ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èsì yín síbí. Ẹ ṣé o, sà."

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó kọ èyí ti fi owó ọ̀dà àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó náà kò pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí onílé gbà kíá. Bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe bá wúwo jùyẹn lọ, ẹ má ṣe kọ pé ẹ ò ní béèrè nǹkan kan. Ẹ kọ iye tó máa ná yín, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé kí ẹ dákẹ́ lórí owó nísinsìnyí, kí ẹ wá yọ ọ́ fúnra yín nígbà tí owó ilé bá tó san.

Ẹ má sì sọ fún pẹ́ńtà pé kó wá ní ọ̀la nígbà tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lónìí. Ẹ fún onílé ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Bí kò bá fèsì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pè é, kí ẹ sì tún padà kọ ohun tó sọ. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ àwọ̀ eérú, ẹ ní kó sọ àwọ̀ tó lè gbà. Bí ó bá kọ̀ pé kí ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó rán káfíńtà tirẹ̀ wá pààrọ̀ rẹ̀ lójú yín, kí ẹ san owó kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn onílé mìíràn máa ń gba èyí, nítorí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an ni kí oníṣẹ́ tí wọn kò mọ̀ ba ilẹ̀kùn wọn jẹ́.