"Mo Ti Jẹ́ Ọ, Wí Tẹnu Ẹ": Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Níbẹ̀rẹ̀ Fídíò Alálàyé

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an ní Kubwa, mo ṣe fídíò kékeré kan, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, tó ṣàlàyé ìdí tí yúnìtì mítà fi ń tètè tán lásìkò òtútù. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi náà ni mo kà á. Kí n tó gbé e síta, mo mú fóònù lọ bá màmá kan tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́nu ọ̀nà wa, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó. Ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí. Kì í ṣe fídíò ni mò ń wò, àtàǹpàkò wọn ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́ o, ìgbàkígbà tó wù kí ẹ máa wo fídíò yìí. Ẹ káàbọ̀ sórí ìkànnì wa. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kókó pàtàkì kan tó kan gbogbo wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ohùn mi kò tíì dé orí ẹ̀fà tí àtàǹpàkò màmá ti ń ti fídíò lọ sókè. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo ti jẹ́ ọ. Wí tẹnu ẹ."

Mo padà sílé, mo fi aago wọn ohùn ara mi. Tí n kò bá sáré, tí n kò sì fà á, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 30 ló ń jáde lẹ́nu mi láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo kọ yẹn ju ọ̀rọ̀ 50 lọ. Ìyẹn ni pé odindi ìṣẹ́jú àáyá 17 ti lọ, òǹwòran kò tíì gbọ́ mítà, kò tíì gbọ́ omi gbígbóná, kò tíì gbọ́ owó. Ẹ wọn ohùn tiyín náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun, torí ẹnu kò rìn bákan náà. Àwọn kan lára wa tó ti ọ̀dọ̀ Okun wá máa ń yára ju àwa ará Ọ̀yọ́ lọ, ó kéré tán nínú ilé tí mò ń gbé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe, tó sì jẹ́ òun ló ń bá Yorùbá jà jù, ni ìkíni. Mo mọ̀ pé yóò dun àwọn kan. Ta ló ń wọlé onílé tí kò ní kí i? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: "ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́" kì í ṣe ìkíni rárá. Kò sí ẹni tí wọ́n ń kí báyẹn lójúkojú. Orí rédíò la ti kó o. Yorùbá tòótọ́ máa ń fi ìkíni sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń kí: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró. Tí mo bá ní "ẹ kú òtútù o", ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, mo ti kí yín, mo sì ti wọnú ọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Nítorí náà, ẹ má yọ ìkíni kúrò, ẹ wá èyí tó gbé kókó yín lọ́wọ́. Bí kò bá sí, ẹ wọlé tààrà, kí ẹ tó wá kí wọn nígbà tí wọ́n bá ti jókòó. Orúkọ yín àti àmì ìkànnì yín náà lè dúró dìgbà náà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè wọn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Òwe ńkọ́? Mo fẹ́ràn òwe, ṣùgbọ́n "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní" nìkan ti jẹ ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ kí òwe fúnra rẹ̀ tó dé. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé òwe tí mo lò lè bá fídíò mítà mu, ó lè bá ti ìgbéyàwó mu, ó lè bá ti ìbò mu. Òǹwòran tó gbọ́ ọ kò rí ohun tí yóò tìtorí rẹ̀ dúró. Bákan náà ni ìtumọ̀ ilé ìwé, irú bí "iná mànàmáná jẹ́ agbára kan tó ...", bákan náà sì ni "ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé?" Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ìdáhùn tó ń wá sọ́kàn ẹni tó ń wò ó ni "mi ò mọ̀, kí ló wá kàn mí?"

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo gbìyànjú, mo wá rò pé mo ti gbọ́n. Mo yọ gbogbo ìyẹn, mo fi èyí sí i: "Lónìí, màá fi bí ẹ ṣe lè gé owó iná yín sí ìdajì hàn yín." Àwọn ènìyàn dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí YouTube Studio, tí mo lọ wo àwòrán tó ń jẹ́ Audience retention, ìyẹn ìlà tó ń fi iye ènìyàn tó ṣì ń wo fídíò hàn, mo rí i pé ìlà náà rọra ń bọ̀ títí dé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25, ló bá já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ sínú kòtò. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mọ̀ pé n kò ní ìdajì kankan láti gé. Àlàyé ni mo ní, kì í ṣe oògùn. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé, "Bọ̀dá, ìdajì dà?" N kò rí fèsì.

Ibi tí ìlà yẹn ti já máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo fídíò ló ń pàdánù ènìyàn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Àmọ́ tó bá já gan-an láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fura sí àwòrán tó ṣíwájú, tàbí àkọlé tó ṣèlérí ohun tí kò sí níbẹ̀. Tó bá já láàárín ìkẹrin sí ìkẹwàá, ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò tíì dé ibi tó ń lọ. Tó bá wá dúró dáadáa títí tó fi kọjá 15 kó tó já, ìlérí ni kò ṣẹ.

Ohun tó yanjú rẹ̀ fún mi ni pé mo fi ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo lọ sínú àlàyé, mo wá ohun tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu nígbà tí mò ń ṣe ìṣirò. Ìṣirò náà nìyí. Irin tí à ń tì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi sè omi, èyí tó wà nílé mi ń jẹ wáàtì 1,500. Yúnìtì kan lórí mítà jẹ́ wáàtì 1,000 fún wákàtí kan, nítorí náà irin yìí jẹ yúnìtì kan tán láàárín ìṣẹ́jú 40. Lọ́wọ́ ọyẹ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni mò ń rí sè láàárín àsìkò yẹn. Gílóòbù oníwáàtì 10 tó wà ní pálọ̀ ńkọ́? Wákàtí 100 ni yóò fi tàn kó tó jẹ yúnìtì kan náà. Ọjọ́ mẹ́rin tọ̀sán tòru, ó tún lé wákàtí mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí mò ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí pé kí wọ́n pa gílóòbù, irin tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ wá.

Mo wá kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú òtútù o. Omi ìwẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ sè láàárọ̀ yìí, iná tó jẹ lè tan gílóòbù kan fún ọjọ́ mẹ́rin, tọ̀sán tòru. Ẹ wá wò ó lójú mítà."

Ọ̀rọ̀ 31 ni. Kò sí ìlérí owó kankan nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣèlérí ni pé ẹ óò rí i lójú mítà, mo sì mú un ṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ mítà, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú. Tí wọ́n bá kọ 1000 imp/kWh sára rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú ìgbà 1,000 fún yúnìtì kan. Tó bá jẹ́ gílóòbù yẹn nìkan ló ń jẹ iná nínú ilé, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni yóò fi dúró kó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ti irin náà bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó di ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀. Àlàyé kankan kò tún lé e lórí.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ àwòrán. Àwa tí à ń ṣe fídíò ní Àbújá, a ò lè ṣe kí a má fi Àpáta Zuma bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin. Àpáta yẹn kò sì sí ní Àbújá pàápàá, ìpínlẹ̀ Niger ló ni ín. Ẹni tó ń gbọ́ "omi ìwẹ̀" tó ń wo àpáta, ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ ti yà síra wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń rú èéfín ni mo fi sí tèmi, mo sì yí àwòrán sí iná pupa mítà nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ "ẹ wá wò ó".

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í tan ohùn fóònù wọn nínú bọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sójú fídíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i. Mo ti kọ ọ́ rí láìfi àmì sí i pé OWO YIN N JO. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni owó yín ń jó. Ẹni mélòó kan kà á sí ọwọ́ yín ń jó, wọ́n rò pé mo fẹ́ kọ́ wọn bí omi gbígbóná kò ṣe ní jó wọn lọ́wọ́.

Ẹ tún gbọ́ ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá jẹ́ kí ohùn rọra máa yọ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, yóò gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mì. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "tútù o". Mo ní láti gé e tún ṣe.

Nígbà tí mo gbé èyí tuntun síta, ìlà náà rọra lọ kọjá ìkẹwàá, ó kọjá ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó já mi kulẹ̀ lọ́jọ́sí. Ibi tó ti wá ń já báyìí ni nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín àwọn oníbàárà iná sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Àlàyé yẹn ló gùn jù, mo sì ti ń gé e.