Bí mo ṣe gbé nẹ́tíwọ̀kì ilé-ìwé wa dé orí IPv6, tí ẹ̀rọ àtijọ́ ò fi kú

Ilé-ìwé girama aládàáni kan wà n'Ìbàdàn tí mò ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sílé, mo fẹ́ wọ sáfà wọn kí n tún nǹkan ṣe, kò gbà mí wọlé. Nígbà tí mo wo àdírẹ́ẹ̀sì tí iléeṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì fún rúútà wa, 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti 100.64.0.0 títí dé 100.127.255.255, àdírẹ́ẹ̀sì àjọpín ni. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà pa mọ́ sẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, ẹni tó bá wà níta ò sì lè kanlẹ̀kùn ẹnì kankan nínú wọn. Àdírẹ́ẹ̀sì IPv4, irú èyí tí a ti ń lò látijọ́, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ayé, sì ti pín tán ní oṣù kejì ọdún 2011. Mo pe iléeṣẹ́ náà, mo ní kí wọ́n ṣí IPv6 fún wa, irú tuntun tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ gùn ju ti IPv4 lọ. Wọ́n ṣí i, wọ́n sì fún wa ní /56.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí /56 jẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù àdírẹ́ẹ̀sì gígùn yìí ti kúrò lára mi. Àdírẹ́ẹ̀sì IPv6 jẹ́ bíìtì 128, a sì ń fi ònkà onímẹ́rìndínlógún kọ ọ́, láti 0 dé 9, kí a tó bọ́ sí a dé f. Àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún bíìtì 4. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì / ni iye bíìtì tí wọ́n ti dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mi ò lè yí. Nẹ́tíwọ̀kì abẹ́lé kan ń gba /64. Láti 56 dé 64 jẹ́ bíìtì 8, ìyẹn àmì méjì péré tó wà lọ́wọ́ mi láti yí bó ṣe wù mí. Ọ̀nà 16 lọ́nà 16, ó di 256. Ẹni tó bá mọ bí ojú odù 16 ṣe ń bí odù 256 ti mọ ìṣirò yìí kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Tí mo bá fi àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ dípò tiwa, ó rí báyìí:

```
2001:db8:40:7a00::/56   gbogbo ilé-ìwé
2001:db8:40:7a10::/64   yàrá kọ̀ǹpútà
2001:db8:40:7a20::/64   àwọn olùkọ́
```

Mo fi àmì tó ṣáájú nínú méjèèjì ya ẹ̀ka ilé-ìwé sọ́tọ̀, mo fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Mi ò yọ IPv4 kúrò rárá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì, àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tí àwọn olùkọ́ ń tẹ ìka sí láàárọ̀, kò sí èyí tó gbọ́ IPv6 nínú wọn, wọn ò sì ní gbọ́ ọ láéláé. Wọ́n dúró lórí 192.168.10.0/24 bí wọ́n ṣe wà. Àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù gba àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dúà-sítáàkì. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ tẹ̀wé, á gba ọ̀nà IPv4. Bó bá ń lọ síta, á kọ́kọ́ gbìyànjú IPv6.

Àṣìṣe kékeré kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Sáfà tó ń gba àkọsílẹ̀ ìka ní orúkọ nínú DNS wa. Mo fi AAAA kún un, ìyẹn ìlà tó ń so orúkọ mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì IPv6, nítorí pé sáfà fúnra rẹ̀ ti ní IPv6. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ètò tí akọ̀wé fi ń ṣí àkọsílẹ̀ náà ń dúró fún ìgbà pípẹ́ kó tó dáhùn. Mo tẹ `ss -ltn` lórí sáfà, mo rí `0.0.0.0:8080`, mi ò rí `[::]:8080`. Ètò àtijọ́ náà ń tẹ́tí sí IPv4 nìkan, fáyáwọ́ọ̀lù sáfà sì ń gbé ohun tó bá gba ọ̀nà IPv6 jù nù láì fèsì. Búráúsà òde òní á yára bọ́ sí ọ̀nà kejì, ṣùgbọ́n ètò akọ̀wé ò mọ ìyẹn, ṣe ló ń dúró títí yóò fi sú u. Mo yọ AAAA náà, wàhálà tán. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí mo bá ti dán wò lórí IPv6 nìkan ni mo ń fún ní AAAA.

Èyí tó gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi yàtọ̀ pátápátá. Olùkọ́ ìṣirò wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo nǹkan ń ṣí, àmọ́ mi ò lè fi èsì ìdánwò ránṣẹ́. Ó ń yí ṣáá ni.” Òótọ́ ni. Ojú ewé ń ṣí kíákíá, fídíò ń lọ geerege, ṣùgbọ́n fáìlì tó bá tóbi díẹ̀ kì í jáde. Nígbà tí mo pa IPv6 lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, fáìlì náà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kọ̀ǹpútà Linux kan ni rúútà wa. Mo lọ síbẹ̀, mo tẹ èyí:

```
ping -6 -M do -s 1452 2001:db8:ffff::1
```

Báìtì 1452, tí a bá fi 48 ti orí rẹ̀ kún un, jẹ́ 1500 gééré. Èsì tó wá ni `Packet too big: mtu=1480`, ìyẹn ni pé páàkẹ́ẹ̀tì, ẹrù kéékèèké tí ọ̀rọ̀ ń bá rin orí nẹ́tíwọ̀kì, kò lè kọjá tó bá ju báìtì 1480 lọ. Báìtì 20 ló dín, báìtì 20 sì ni orí páàkẹ́ẹ̀tì IPv4. Ó dá mi lójú pé níbì kan lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà, wọ́n ń di IPv6 sínú IPv4 kó tó kọjá. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn, ó wọ́pọ̀. Nínú IPv6, rúútà tó wà lọ́nà kì í gé páàkẹ́ẹ̀tì tó bá tóbi jù. Á jù ú nù, á sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ICMPv6, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń jíṣẹ́ ìkìlọ̀ àti ping fún ara wọn, sí ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé kó dín in kù. Rúútà mi gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà olùkọ́ ò gbọ́?

Èmi ni mo dí i. Nígbà tí mò ń kọ òfin fáyáwọ́ọ̀lù, mi ò fẹ́ kí ará ìta máa fi ping wá ẹ̀rọ wa kiri, mo wá dí gbogbo ICMPv6 tó bá ń bọ̀ láti ìta nínú ẹ̀ka `forward`, èyí tó ń ṣọ́ ohun tó ń gba inú rúútà kọjá, mo sì gbé òfin yẹn lé orí gbogbo òfin yòókù. Ká ní inú `input`, èyí tó ń ṣọ́ ohun tó ń wá bá rúútà fúnra rẹ̀, ni mo fi í sí ni, rúútà ì bá ti ṣìnà mọ́ aládùúgbò rẹ̀ láìpẹ́, ǹ bá sì ti tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú `forward`, irú ìkìlọ̀ yìí ń kú sọ́nà. Páàkẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí ìbánisọ̀rọ̀ kéré, ó ń kọjá, kọ̀ǹpútà á gbà pé IPv6 ń ṣiṣẹ́, kò sì ní ronú IPv4 mọ́. Fáìlì ńlá ló máa ń há. Èyí tó ń bọ̀ láti ìta ò há, nítorí pé sáfà tó wà lọ́hùn-ún ni ìkìlọ̀ tirẹ̀ ń lọ bá, kò kan fáyáwọ́ọ̀lù mi.

Mo yọ òfin yẹn, mo kọ èyí dípò rẹ̀:

```
chain forward {
  type filter hook forward priority filter; policy drop;
  ct state established,related accept
  icmpv6 type { packet-too-big, time-exceeded,
    destination-unreachable, parameter-problem } accept
  iifname "lan0" accept
}
```

`policy drop` ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, èyí tó ṣe pàtàkì, nítorí pé gbogbo kọ̀ǹpútà wa ló ní àdírẹ́ẹ̀sì tí ayé lè rí báyìí, kò sí NAT, ètò tó ń fi àdírẹ́ẹ̀sì kan bo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tó bò wọ́n mọ́. Ping láti ìta ò sì wọlé bẹ́ẹ̀ náà, bí mo ṣe fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Mo tún fi ìlà kan kún un fún SSH lọ sí sáfà kan ṣoṣo.

Olùkọ́ ìṣirò fi èsì kíláàsì mẹ́ta ránṣẹ́ lójú mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wọ sáfà láti ilé lórí IPv6. Nígbà tó di àárọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ ìwé jáde lórí 192.168.10.20 bó ṣe máa ń ṣe.