Báńkì ti àkáǹtì mi pa: ẹ̀rí wo ni kí n kó jọ kí n tó kọ̀wé sí wọn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo wà, àdìrẹ ni mo ń tà. Kọ́sítọ́mà kan ní Kaduna san 185,000 náírà sínú àkáǹtì mi, mo sì ti fi ọjà ránṣẹ́ sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni áàpù báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Account restricted" sí mi. Owó ń wọlé o, àmọ́ kò ṣeé fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ìméèlì kí n kó ẹ̀rí mọ́ ọn. Ẹ̀rí wo gan-an, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Má tíì kọ ìméèlì kankan lónìí. Má yọ áàpù yẹn kúrò lórí fóònù ẹ, má sì jáde nínú ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yọ ọ́ kí wọ́n lè tún un gbé wọlé, tí wọ́n bá wá fẹ́ padà wọlé áàpù á ní rárá, gbogbo ohun tí wọn ì bá ti yà sílẹ̀ á wà nínú ibẹ̀.

Bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn, owó ń wọlé kò jáde, PND ni àwọn ará báńkì ń pè é. Ohun tó máa ń fà á ò pọ̀. Ó lè jẹ́ ìwé ẹ ni ò pé, torí láti 1 April 2024 ni CBN ti ní kí báńkì fi PND sí àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Ó lè jẹ́ báńkì fúnra ẹ̀ ló ń fura sí owó kan tó wọlé. Ó sì lè jẹ́ láti ìta, bóyá ẹni tó fowó ránṣẹ́ lọ sọ fún báńkì tiẹ̀ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, tàbí kóòtù ló pàṣẹ. Ẹ̀rí tí wàá kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ò jọra, nítorí náà kọ́kọ́ bi wọ́n nínú ṣáàtì áàpù, kì í ṣe lórí ìpè: "Ṣé PND ni àbí iye owó kan lẹ dì mú? Kí ló fà á? Ìwé wo lẹ ń fẹ́?" Kó o ya àwòrán èsì wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fún ẹ.

Tí wọ́n bá ní kóòtù ló pàṣẹ, ìméèlì ò lè tú u. Ní kí wọ́n sọ kóòtù wo àti nọ́ńbà ẹjọ́, kó o wá lóyà. Àmọ́ tèmi, bó ṣe jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì tí 185,000 yẹn wọlé ló ṣẹlẹ̀, owó yẹn ni mo fura sí. Jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe é.

Lọ sí ibi tí owó yẹn wà nínú áàpù, tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, wo orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ṣé orúkọ kọ́sítọ́mà ẹ nìyẹn, àbí orúkọ ẹlòmíì? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà jù. Ọ̀nà kan tí àwọn oní-jìbìtì ń gbà ni pé wọ́n á ra ọjà lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á wá ní kí ẹlòmíì tí wọ́n ń lù ní jìbìtì sanwó fún ẹ, ìwọ á gbé ọjà fún olè, ẹni tó sanwó á lọ kígbe ní báńkì ẹ̀. Tí orúkọ bá yàtọ̀, má fi pamọ́, ìwọ fúnra ẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú lẹ́tà ẹ, kó o sì fi ibi tí kọ́sítọ́mà ti sọ pé "bùrọ̀dá mi ló máa sanwó" hàn wọ́n tí irú ẹ̀ bá wà. Báńkì ti rí orúkọ yẹn tipẹ́. Tó o bá dákẹ́ lórí ẹ̀, wọ́n á rò pé o mọ̀ nípa ẹ̀.

Ìbéèrè: Orúkọ ẹlòmíì ni lóòótọ́, ó ti sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ló máa san án. Mo ti ya ọ̀rọ̀ wa lórí WhatsApp, mo gé ibi tí kò kàn wọ́n kúrò. Ṣó ti tó?

Ìdáhùn: Kò tó o, tún un yà. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní báńkì, tó bá rí skrínṣọ́ọ̀tì tí wọ́n ti gé, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn ni pé kí ló wà níbi tí wọ́n gé. Jẹ́ kí ojú fóònù hàn látòkè délẹ̀, pẹ̀lú aago àti bátìrì lókè. Tẹ orúkọ kọ́sítọ́mà yẹn kí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ hàn, ya ìyẹn náà, torí orúkọ tí ìwọ fúnra ẹ fi sefù ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Bó o bá ṣe ń ya ọ̀rọ̀ yín lọ sísàlẹ̀, jẹ́ kí ìlà tó kẹ́yìn nínú àwòrán kan jẹ́ èyí tó máa bẹ̀rẹ̀ àwòrán tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè rí i pé o ò fo nǹkan kan. Yàtọ̀ síyẹn, lo "Export chat" nínú WhatsApp, ó máa kó gbogbo ọ̀rọ̀ yín jọ sínú fáìlì kan pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Fi pamọ́, tí wọ́n bá béèrè kó o fún wọn.

Lẹ́yìn náà, rìsíìtì owó yẹn. Gbà á wá sórí fóònù ní PDF tí áàpù bá gbà fún ẹ, kó o tún ya ojú ẹ̀. Wá ibi tí wọ́n kọ Session ID sí. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ báńkì tí owó ti wá, méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́ àti àkókò tí owó gbéra. Ká ní o rí `250311142207` láàárín, 11 March 2025 nìyẹn, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún. Báńkì méjèèjì á fi nọ́ńbà yìí rí owó kan náà láìsí àríyànjiyàn. Má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, dà á kọ látinú áàpù, torí tó o bá fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ wọn ò ní rí i.

Ẹ̀rí pé ọjà jáde lọ́wọ́ ẹ wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ páàkì Jabi lo ti fi ránṣẹ́, wá wébíìlì tí wọ́n já fún ẹ, tàbí nọ́ńbà dírẹ́bà àti ìpè tó o pè é. Àwòrán ẹrù tó o yà kó tó wọ mọ́tò náà dáa, àmọ́ èyí tí ọjọ́ wà lára ẹ̀ ni. Tí o ò bá já rìsíìtì fún kọ́sítọ́mà nígbà náà, má jókòó báyìí kó o kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àná, fáìlì ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é o, ayédèrú ìwé kan ṣoṣo á ba gbogbo òótọ́ yòókù jẹ́.

Tó o bá ń fi wọ́n ránṣẹ́ láti fóònù kan sí òmíì lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ bíi "Document", má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí ó máa ń fún un pọ̀ tí nọ́ńbà kéékèèké ò ní ṣeé kà mọ́.

Ìbéèrè: Orúkọ bàbá mi ló wà lórí NIN, ti ọkọ mi ló wà lórí àkáǹtì. Ṣé ìyẹn lè dá wàhálà sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè dá a sílẹ̀ dáadáa. Kódà tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ owó yẹn gbọ́, wọ́n ṣì lè dá ẹ padà torí orúkọ. Wo NIN ẹ pẹ̀lú *346#, BVN ẹ pẹ̀lú *565*0#, láti orí nọ́ńbà tó o fi forúkọ sílẹ̀, kó o rí i pé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ ẹ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ bó ṣe wà lórí NIN, BVN àti àkáǹtì sórí ìwé kan, wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, àti ọjọ́ ìbí pẹ̀lú, nítorí ìyẹn náà máa ń yàtọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀.

Fún tìẹ, fi sílíìpù NIN, sátífíkéètì ìgbéyàwó, àti ìwé ìbúra kóòtù tó ń sọ pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì sí i. Ní Abuja, High Court ní Maitama wà tó o ti lè búra. Sátífíkéètì ìgbéyàwó láti ríjísítírì ni báńkì gbà kíákíá, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan á nílò ìwé ìbúra yẹn jù. Ya ìwé náà lójú ìmọ́lẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí fíláàṣì má bo nọ́ńbà. Kọ "fún báńkì nìkan" àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tó o máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe sórí ìwé gangan. Ìméèlì tó wà nínú áàpù tàbí lórí káàdì wọn ni kó o lò, ẹni tó bá ń pè ẹ́ láti orí Facebook pé òun jẹ́ kọ́sítọ́mà kíà tó ń béèrè OTP tàbí PIN, olè ni.

Ìbéèrè: Mo ti kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó ti di ojú ìwé mẹ́ta.

Ìdáhùn: Ẹkún ló pọ̀ jù níbẹ̀ ní tòótọ́, báwo ni ìyà ṣe ń jẹ ẹ́ àti owó iléèwé àwọn ọmọ, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á ń wá àkókò àti ẹ̀rí. Kọ ọ́ báyìí, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹ̀rí tiẹ̀:

11/3/2025, 10:05. Kọ́sítọ́mà béèrè àdìrẹ mẹ́wàá, 18,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rí 1.
11/3/2025, 13:50. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló máa sanwó. Ẹ̀rí 1.
11/3/2025, 14:22. 185,000 wọlé, Session ID wà níbẹ̀. Ẹ̀rí 2.
11/3/2025, 16:40. Mo gbé ẹrù fún dírẹ́bà ní Jabi. Ẹ̀rí 3.
12/3/2025, 07:15. Áàpù kọ "Account restricted". Ẹ̀rí 4.
12/3/2025, 09:30. Mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rí 5.

Ìwọ náà wò ó, mẹ́wàá lọ́nà 18,000 jẹ́ 180,000, kì í ṣe 185,000. Tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó kù bá jẹ́ owó mọ́tò, kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìlà kan. Irú àlàfo kékeré yìí ni wọ́n ń fi ń dá lẹ́tà padà. Ibi tí o kò bá rántí aago, kọ "ní nǹkan bí", má hùmọ̀ aago kankan. Kó o sì rí i dájú pé aago inú rìsíìtì, inú Session ID àti inú lẹ́tà ẹ ò ta kora, ìṣẹ́jú díẹ̀ lè yàtọ̀, wákàtí ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Sọ fáìlì ní Ẹ̀rí 1, Ẹ̀rí 2 lórúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú lẹ́tà, kí wọ́n má bàa máa wá IMG tó ní nọ́ńbà gígùn. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, ojú ìwé kan ti tó fún lẹ́tà náà.

Ìbéèrè: Tí wọn ò bá wá fèsì ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún báńkì. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí èsì wọn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kọ sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng. Wọ́n á béèrè pé ṣé o ti kọ́kọ́ sọ fún báńkì, ìyẹn ni mo ṣe ní kó o ya nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti ìméèlì tó o fi ránṣẹ́, kí ọjọ́ tó o fi ránṣẹ́ hàn lórí ẹ̀. Fáìlì kan náà ni wàá tún fi ránṣẹ́, kó o kàn fi ìlà tuntun kún ìsàlẹ̀ àkókò yẹn: ọjọ́ tó o kọ̀wé sí báńkì, àti pé títí di ọjọ́ báyìí, wọn ò tíì fèsì.