Kò sí káàbù tó ń jẹ́ 6E: ẹ ka ara káàbù kí ẹ tó sanwó

Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí ẹ bá bèèrè káàbù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára, oníṣọ́ọ̀bù lè gbé èyí tí wọ́n tẹ `CAT.6E` sí lára wá, kó ní: “Ọ̀gá, èyí ga ju 6 lọ.” Ẹ má gbà. TIA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin ìwọ̀n fún káàbù, kò mọ 6E rí. Nínú àwọn ìpele káàbù tó mọ̀, 5E wà, 6 wà, 6A wà, 8 náà wà, 6E kò sí níbẹ̀. E tó wà lẹ́yìn 5 ń sọ pé wọ́n tún 5 ṣe; àwọn ọlọ́jà ló yá a lọ lẹ̀ mọ́ 6.

Ẹlòmíràn a tún máa ka MHz dípò orúkọ. 5E jẹ́ 100 MHz, 6 jẹ́ 250, 6A jẹ́ 500. Bí ẹ bá rí `CAT.5E 350MHz`, 5E náà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tẹ̀wé fa káàbù láti iwájú ilé rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ó fẹ́ kí ó gbé gígábíìtì 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìsopọ̀ náà kàn ń já ṣáá. Ó ti pààrọ̀ súwíìṣì kó tó pè mí. Mo tanná sí ara káàbù, mo kà:

```
CAT.6E U/UTP 4PR 24AWG CCA 112M
```

Ní ìkángun kejì, nọ́ńbà mítà jẹ́ `184M`. Ẹ yọ 112 kúrò nínú 184, ó ku mítà 72. Nọ́ńbà yìí kì í purọ́ púpọ̀, àmọ́ àwọn tó ń kà á kò tó nǹkan. 6 tòótọ́ gan-an, mítà 55 ló ń gbé gígábíìtì 10 dé, kò sì tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá di káàbù púpọ̀ pọ̀. 6A ló ń gbé e dé mítà 100. Gígábíìtì 1 ni 5E ń gbé dé 100.

Èyí tó burú jù ni `CCA`: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. TIA kò gba irú rẹ̀, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ síwájú. Mo fi ọ̀bẹ họ wáyà kan, funfun ló yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa. Ẹ họ ọ́ bí ẹ kò bá tiẹ̀ rí `CCA`, nítorí àwọn kan kì í kọ ọ́.

AWG náà ń tan èèyàn: nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, wáyà rẹ̀ nípọn. 6 àti 6A sábà máa ń jẹ́ 23, ṣùgbọ́n 6 tó jẹ́ 24 wà, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan ṣèdájọ́.

A ra 6A oníbàbà, a sì fà á. Ẹ̀gbọ́n wá ní kí a fi káàbù CCA àtijọ́ náà fún kámẹ́rà tó ń gba iná látinú káàbù. Mo ní rárá: alumíníọ̀mù ń dènà iná ju bàbà lọ, ó sì ń gbóná.