Ọjọ́ tí ṣíìtì mi sọ pé mo ti di olówó

Oríṣi ìpín ìdókòwò mẹ́ta péré ni mo ní: 10 nínú ilé iṣẹ́ Coca-Cola, 4 nínú Apple, àti 500 nínú Vodafone ní ọjà London. Gbogbo owó tó jáde lọ́wọ́ mi, tòun ti owó alágbàtà, jẹ́ dọ́là 1,750. Kò pọ̀, àmọ́ alaalẹ́ ni mò ń ṣí ojúewé mẹ́ta kí n tó mọ iye tí wọ́n tó, tí màá tún máa tẹ ẹ̀rọ ìṣirò. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi sú mi. Mo ní kí ṣíìtì máa bá mi lọ wá iye náà.

Google Sheets ni mo lò, torí pé fọ́múlà kan wà níbẹ̀ tó máa ń lọ wo ọjà fúnra rẹ̀, tí kò sì gba kóbọ̀. Òpó A ni mo kọ orúkọ ìpín sí, bí ọjà ṣe ń pè é: `NYSE:KO`, `NASDAQ:AAPL`, `LON:VOD`. Ohun tó wà ṣáájú àmì kólọ̀n ni orúkọ ọjà, ẹ má ṣe fò ó. Bí ẹ bá kọ VOD lásán, ṣíìtì ló máa bá yín yan ọjà, bẹ́ẹ̀ Vodafone wà ní NASDAQ náà, níbi tí ẹyọ kan ti dúró fún ìpín 10 ti London. Òpó B ni iye ìpín tí mo ní, òpó C sì ni àpapọ̀ dọ́là tí mo san lórí ìkọ̀ọ̀kan. Nínú D2 mo wá tẹ èyí:

```
=GOOGLEFINANCE(A2,"price")
```

Mo fà á wálẹ̀ dé D4, iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yọ. (Bí tiyín bá sọ pé fọ́múlà kò dáa, ẹ fi `;` rọ́pò kọ́mà tó wà láàárín rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ẹ yàn ní Locale, lábẹ́ File àti Settings, ló ń pinnu èyí tí ṣíìtì máa gbà.)

Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyí. Mo ti mọ̀ pé pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná ní London, torí náà mo ronú pé kí n sáà sọ ọ́ di dọ́là. Mo fi iye ìpín lọ́nà iye tó yọ, mo tún fi pàṣípààrọ̀ lù ú. Màá sún àwọn iye ọjọ́ náà sí òdidi kó lè rọrùn láti bá mi ṣírò: Coca-Cola 60, Apple 190, Vodafone 70, pọ́n-ùn kan sì jẹ́ dọ́là 1.25. Coca-Cola fún mi ní 600, Apple fún mi ní 760. Vodafone ńkọ́? 500 lọ́nà 70 jẹ́ 35,000, ìyẹn nígbà 1.25 jẹ́ 43,750. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ wá di dọ́là 45,110. Mo fi 1,750 ra nǹkan, ó di 45,110! Mi ò ní purọ́, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan.

Pẹ́nsì ni 70 yẹn, kì í ṣe pọ́n-ùn. Bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọ̀pọ̀ ìpín ní ọjà London nìyẹn, 100 pẹ́nsì ló sì ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Ṣíìtì kò fi àmì owó sí iwájú iye tó mú wá, kò sì sí ohun tó máa ta èèyàn lólobó. Àmọ́ bí ẹ bá bi í, ó máa dá yín lóhùn. Mo ya òpó E sọ́tọ̀ fún ìbéèrè náà:

```
=GOOGLEFINANCE(A2,"currency")
```

Ó kọ `USD` fún méjì àkọ́kọ́, ó kọ `GBX` fún Vodafone. GBX yẹn ni pẹ́nsì. Ká ní pọ́n-ùn ni, `GBP` ni ì bá jẹ́. Òpó F ni mo wá fi sọ owó yòówù tó bá wà ní E di dọ́là:

```
=IF(E2="USD",1,IF(E2="GBX",
 GOOGLEFINANCE("CURRENCY:GBPUSD")/100,
 GOOGLEFINANCE("CURRENCY:"&E2&"USD")))
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: bó bá jẹ́ dọ́là, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ pẹ́nsì, mú iye pọ́n-ùn kan kí o sì pín in sí 100, bó bá jẹ́ owó mìíràn, lọ wo pàṣípààrọ̀ tirẹ̀. Òpó G wá di `=B2*D2*F2`. Vodafone bọ́ sí ipò rẹ̀, dọ́là 437.50, àpapọ̀ sì di 1,797.50. Èrè mi jẹ́ 47.50. Ẹ̀rín ti lọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ti dé.

Àṣìṣe kejì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò fẹ́ rí `#N/A` lójú ṣíìtì mi rárá, mo kà á sí ìdọ̀tí, ni mo bá fi `IFERROR(…,0)` bo fọ́múlà òpó D, E àti F, pé bí ìdáhùn kò bá wá, kó kọ òdo. Lọ́jọ́ kan tí mò ń tún òpó A tò, mo tẹ òdo dípò lẹ́tà O, `NYSE:K0`. Ìdáhùn kò wá, òdo sì gba ibẹ̀. Dọ́là 600 pòórá nínú àpapọ̀ láìsí ariwo, ṣíìtì sì ń sọ fún mi pé mo ti pàdánù 552.50. Ọjà ni mò ń bínú sí ní gbogbo àkókò yẹn. Mo ti yọ `IFERROR` yẹn kúrò báyìí. Bí ìlà kan bá bàjẹ́, kí àpapọ̀ bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ kí n lè rí i. Ìpín tí kò ní iye lójú ṣíìtì kì í ṣe ìpín tí kò níye lórí.

Ẹ má rò pé ìṣẹ́jú àáyá tí ọjà bá yí ni ṣíìtì náà ń yí. Iye tó ń mú wá lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú 20. Fún ẹni tó ń wo tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kò burú. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ rà tàbí tà lójú ẹsẹ̀. Mo fi `"tradetime"` sí òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣòwò ìpín náà kẹ́yìn. Bí mo bá rí ọjọ́ Ẹtì níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọjà ló tì. Bó bá jẹ́ ọ̀sán Ọjọ́rú tó sì ṣì ń sọ ti Ẹtì, mo mọ̀ pé nǹkan kan ti rọ́.

Ohun kan wà tí fọ́múlà kò lè bá èèyàn ṣe. Ó mọ iye tí ìpín kan tó, kò mọ iye ìpín tí ẹ ní. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Nvidia pín ìpín kọ̀ọ̀kan sí 10, iye ẹyọ kan sì já sí ìdá mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní 5 ti ní 50, kò pàdánù nǹkan kan, àmọ́ bí 5 bá ṣì wà ní òpó B rẹ̀, ṣíìtì á ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ ti lọ. Owó èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fún onípìn-ín náà kì í wọ inú `"price"`. Èyí tí Coca-Cola ń san, ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ sí ìlà kan nísàlẹ̀, lọ́jọ́ tó bá wọlé.