Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Àtúnṣe sí Ẹni Tó Bá Wa Gé Fídíò Ìpolówó

Ìyẹ̀fun iyán ni mo ń tà ní Adó-Èkìtì, fídíò kọ́ ni mo kọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwa ọlọ́jà tí a jọ ń polówó, mo ti rí i tí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ti oṣù méjì, tí ọlọ́jà àti agéfídíò kò sì kí ara wọn mọ́, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo: "Kò wù mí, bá mi tún un ṣe." Kí ni kò wù yín? Níbo ló wà? Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn kò rí ojú yín bí ẹ ṣe ń fà á ro.

Lẹ́tà tí mo ń sọ ni èyí tí ẹ ó kọ lẹ́yìn tí ẹ bá gba gígé àkọ́kọ́, ìyẹn fídíò tí wọ́n ti to àwòrán rẹ̀ tẹ̀lé ara, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì tún àwọ̀ àti ohùn rẹ̀ ṣe. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú níbì kan tó sì mọ́ níbòmíì, ẹ má tíì pariwo. Bí ẹ bá ní kó tún àwọ̀ ṣe báyìí, ó lè lo odindi ọ̀sán lórí àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín yóò ní kó yọ kúrò lọ́la.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé fáìlì tó péye ló wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá fi fídíò ránṣẹ́ lásán lórí Wásáàpù, Wásáàpù máa ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, àwòrán á sì dàbí ohun tí a fi omi wẹ̀. Mo ti bínú sí ọmọ ọlọ́mọ rí lórí ìyẹn, àṣé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ńtì, tàbí kó fi líǹkì ránṣẹ́. Ẹ ní kó kọ v1, ìyẹn ẹ̀dà kìíní, sí orúkọ fáìlì náà. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, láìmú bírò, láìdá a dúró, bí ẹni tó kàn bá a pàdé lórí tẹlifíṣàn. Ibi tí ojú yín bá ti kúrò lára rẹ̀, ẹ rántí rẹ̀. Ìgbà kejì, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìgbà kẹta, ẹ dijú kí ẹ máa gbọ́ ọ. Ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo máa ń lò, èyí tó kéré jù lọ. Àwọn ìkànnì kan wà tí èèyàn ti lè kọ ọ̀rọ̀ sára fídíò, owó lẹ ó san, ìwé yìí kò sì gba dátà. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti wò ó, pẹ̀lú VLC, nítorí pé bí ẹ bá dá a dúró tí ẹ tẹ bọ́tìnnì E, àwòrán á máa rìn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí ibi gan-an tí nǹkan ti bàjẹ́. Fóònù lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìka yín á máa bo ìsàlẹ̀ àwòrán níbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí àkókò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ǹdì níwájú rẹ̀. "Ibi tí ìyá yẹn ti ń rẹ́rìn-ín" kò tó, ìyá lè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta. 0:52 ló tó. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹ kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ewu wà. Bí wọ́n bá ti yọ nǹkan kúrò níwájú, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn á sún. Nínú fídíò tí mo fẹ́ fi hàn yín, mo ní kí wọ́n yọ sẹ́kọ́ǹdì 14 ní ìbẹ̀rẹ̀ àti 11 ní àárín, nítorí náà ohun tó wà ní 0:52 lọ́dọ̀ mi ti di 0:27 lọ́dọ̀ agéfídíò bó bá ti ṣe é tán. Ní iṣẹ́ kan ṣáájú èyí, ọjọ́ kejì tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni mo rántí nǹkan méjì sí i. Mo tún ju àkókò wọn sí i, láti inú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Òun sì ti gé e dé ìdajì. Ó wá ibi tí mo sọ nínú tirẹ̀, ó sì yọ ibi tí oníbàárà mi ti ń fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, ibi tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́ sókè lẹ́tà pé v1 ni gbogbo àkókò inú rẹ̀ ti wá, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo sì ń kọ fún gígé kan. Ohun tí mo bá rántí lẹ́yìn ìyẹn á dúró de v2. Bí ọkọ yín, àbúrò yín àti ọmọ yín bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, kí wọ́n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ̀yin nìkan kọ ọ́. Ẹni mẹ́ta tó ń pàṣẹ fún agéfídíò kan, àfi kó máa ṣe ti ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn ṣe é. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ sínú Wásáàpù fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ ti sinmi, òun ló kù tí yóò máa dá a dúró, tí yóò máa kọ ọ́, tí yóò sì fo ọ̀kan.

Tí ẹ bá ti kọ àkókò, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sọ ohun tó ṣe yín, kí ẹ wá dákẹ́. "Ó pẹ́ jù, ó sú mi" wúlò ju "fi àwòrán tó ń yí bírí síbẹ̀" lọ, nítorí pé agéfídíò mọ ọ̀nà márùn-ún tí nǹkan fi ń yá, ẹ̀yin mọ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ òótọ́ ọjà, orúkọ, iye, nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ kó rí, ẹ má jẹ́ kó méfò.

Ẹ tún mọ ìṣirò. Sẹ́kọ́ǹdì 60 ni ààyè tí a san owó rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, v1 sì jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ǹdì 22. Sẹ́kọ́ǹdì 22 ló gbọ́dọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí wọ́n dá gbólóhùn kan tó já padà, ìyẹn sì jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 2, nítorí náà 24 ni mo ní láti wá. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí wọ́n fi kún un, ẹ sọ ibi tí yóò ti jáde.

Lẹ́tà náà rèé. Ọmọdé ni agéfídíò náà sí mi, ṣùgbọ́n "ẹ" ni mo máa ń lò bí ọ̀rọ̀ owó bá ti wà láàárín.

*Àbúrò mi,*

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo ti wo `iyan_v1.mp4`. Inú rẹ̀ ni gbogbo àkókò ìsàlẹ̀ yìí ti wá. Ìró odó ní 0:14 dára púpọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Sẹ́kọ́ǹdì 60 ni a fẹ́ kó jẹ́.*

*Dandan:*

*0:00–0:07. Àmì ọjà wa ló ṣáájú, ta ló mọ̀ wá tí yóò dúró wò ó? Kó lọ sí ìparí, sẹ́kọ́ǹdì 2.*

*0:07–0:14. Òkè Olósùnta. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò ta ìyẹ̀fun. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kó lè jẹ́ pé odó ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́.*

*0:31–0:46. Iṣu tí a sá. Ó pẹ́ jù. Ẹ fi sẹ́kọ́ǹdì 4 sílẹ̀, èyí tó bá wù yín níbẹ̀.*

*0:52. Ọ̀rọ̀ ìyá já lẹ́nu wọn. "Uṣu titun" ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, "ulé" ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kó parí, yóò gba sẹ́kọ́ǹdì 2 sí i. Ẹ ti kọ "oṣù tuntun" sísàlẹ̀. Iṣu ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe oṣù. Bí a ṣe ń pè é ní Èkìtì nìyẹn.*

*1:05. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lójú àwòrán kò pé, ẹyọ kan ti já lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò ẹ̀yìn àpò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ẹ wò ó kọ.*

*1:16–1:22. Nọ́ńbà fóònù. Ẹ dín in kù sí sẹ́kọ́ǹdì 5, kò gbọ́dọ̀ dín sí ìyẹn, kí èèyàn lè rí i kọ.*

*Orin tó wà lábẹ́: olórin kò fún wa láṣẹ. Ẹ fi èyí tí a ní ẹ̀tọ́ sí rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ìró odó nìkan wà.*

*Bó bá ṣeé ṣe:*

*0:24. Ọwọ́ tó ń bó iṣu. Ó dàbí ẹni pé ó fà díẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.*

*Àtúnṣe kìíní nínú méjì tí a jọ sọ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí v2 dé lọ́jọ́ Ẹtì.*

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "oṣù" yẹn. Ọmọ Èkìtì kọ́ ni agéfídíò mi, "uṣu" tí ìyá sọ kò sì jọ nǹkan kan létí rẹ̀ ju oṣù lọ. Ìdí nìyẹn tó fi gé gbólóhùn náà láàárín: kò mọ ibi tó parí sí. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò yín bá ń sọ èdè ìlú, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn gbólóhùn sínú lẹ́tà. Ọgbọ́n tó dára jù ni pé kí ẹ ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. N kò ṣe é lákòókò yẹn, ọ̀lẹ ló bá mi.

Pípín tí mo pín in sí "dandan" àti "bó bá ṣeé ṣe", ẹ má fò ó. Láìsí i, agéfídíò á lo agbára lórí ọwọ́ tó ń bó iṣu, á sì gbàgbé NAFDAC. Bí "dandan" yín bá ju mẹ́wàá lọ, àfàìmọ̀ kí ìṣòro náà má jẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ ya fídíò, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí v2 bá dé, lẹ́tà náà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ máa fi bírò sàmì sí ohun tó ti ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wá ohun tuntun. Ti èmi yìí, ó ṣe gbogbo rẹ̀ àyàfi 0:24. Ó ní ọwọ́ náà kò fà. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ ni.