Ìdí tí iye owó fi já gba àárín agbègbè iye kọjá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Wuse ni mo ń gbé. Mo fa Fixed Range Volume Profile, àwòrán tó ń fi bí wọ́n ṣe nájà tó ní iye owó kọ̀ọ̀kan hàn, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì lórí góòlù. POC, iye owó tí wọ́n ti nájà jù, bọ́ sí 2,400, agbègbè iye, níbi tí nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà náà wà, sì lọ láti 2,400 dé 2,440. Bí owó ṣe ń wálẹ̀ láti 2,440, mo rà ní 2,420 torí pé àárín gbùngbùn ni. Kò dúró rárá tó fi já dé 2,400. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, òkè méjì, ibi méjì tí wọ́n ti nájà púpọ̀, lo dà pọ̀ sínú àwòrán kan. Ká ní 1,000 lọ́ọ̀tì ni wọ́n nájà lọ́sẹ̀ náà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 10. Láti ìsàlẹ̀, 120 wà ní 2,390, 250 ní 2,400, 110 ní 2,410, 40 péré ní 2,420, 100 ní 2,430, 240 ní 2,440, 140 sì wà ní 2,450. Ìlà tó gùn jù ni POC. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kó ìlà méjì méjì mọ́ra, lókè tàbí nísàlẹ̀, níbi tó bá ti pọ̀ jù, títí yóò fi kó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jọ. Méjì òkè jẹ́ 150, ó ju 120 tó kù nísàlẹ̀ lọ, àpapọ̀ sì di 400. Méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ 340, ó di 740, ẹ̀rọ dúró. Bí 2,420 ṣe wọ agbègbè iye nìyẹn. Ọjà kò gba iye yẹn rí. Ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ẹni tó bá ń ra àgbàdo ní Dawanau, ní Kano, mọ̀ pé owó ìgbà ìkórè yàtọ̀ sí ti ìgbà tí àgbàdo bá wọ́n. Bó bá da àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀, owó tó wà láàárín wọn lè jẹ́ èyí tí a kò fi bẹ́ẹ̀ ra àpò kankan.

Gé àwòrán náà níbi tó ti tín-ín-rín, kí o sì fa méjì: POC ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ 2,400, ti òkè yóò jẹ́ 2,440. Bí owó bá ti jábọ́ kúrò lórí òkè kejì, àfonífojì ni 2,420, kì í ṣe ibi ìdúró. Dúró de 2,410, etí òkè ìsàlẹ̀, kí o wò bóyá wọ́n tún ń nájà níbẹ̀ kí o tó rà. Àmì kan tún wà tí o ò bá fẹ́ dà wọ́n pọ̀ mọ́: 250 àti 240 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, lọ́ọ̀tì 11 péré sí i ní 2,440 ì bá ti gbé POC sókè ní dọ́là 40. Ṣùgbọ́n má ṣe gé e kìkì nítorí pé o ti ra ọjà tán.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí POC ọ̀rẹ́ mi ní Gwarinpa fi yàtọ̀ sí tèmi lọ́jọ́ kan náà?

Ìdáhùn: Bí búrókà yín bá yàtọ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí owó yí padà lọ́dọ̀ búrókà kọ̀ọ̀kan ni ohun tí ṣáàtì góòlù ojú ẹsẹ̀ sábà máa ń kà, kì í ṣe iye lọ́ọ̀tì tí gbogbo ayé rà. Wo GC, àdéhùn góòlù ọjọ́ iwájú ti ọjà COMEX, níbi tí wọ́n ti ń ka lọ́ọ̀tì gan-an, kí ẹ̀yin méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ní aago kan náà.